Bí Mo Ṣe Ya 400, 422 àti 409 Sọ́tọ̀ Lórí Sáfà Tíkẹ́ẹ̀tì Bọ́ọ̀sì

Wọ́n fa sáfà kan tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì elérò 18 lé mi lọ́wọ́. Kóòdù ìdáhùn HTTP 400 ni ó fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè tí ó bá kùnà, ìbáà jẹ́ pé wọn kò kọ ìbéèrè náà dáadáa, ìbáà sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ti gba ìjókòó náà. Nítorí èyí, "Ẹ tún fọ́ọ̀mù yín yẹ̀ wò" nìkan ni áàpù orí fóònù ń sọ, tí àwọn èrò sì ń tún fọ́ọ̀mù tí kò ní àṣìṣe kankan kọ. Ó dùn mí fún wọn.

Ohun tí mo fi dán ìkùnà kọ̀ọ̀kan wò ni èyí: bí a bá fi ìbéèrè yìí kan náà ránṣẹ́ lọ́la láìyí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, ǹjẹ́ ó lè bọ́ sí i? Bí kò bá lè bọ́ sí i láé, inú ìbéèrè náà ni àṣìṣe wà. JSON tí àmì ìparí rẹ̀ já bọ́, tí sáfà kò tilẹ̀ lè kà, gba 400. Èyí tí sáfà kà já, ṣùgbọ́n tí ó béèrè ìjókòó 61 nínú bọ́ọ̀sì elérò 18, gba 422. Inú WebDAV, àfikún kan sí HTTP, ni 422 ti wá, kí RFC 9110 ti ọdún 2022 tó mú un wọ inú ìlànà HTTP gan-an. Ẹni tí ó bá fi 400 dáhùn méjèèjì kò rú òfin, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kí áàpù lè tọ́ka sí ibi tí èrò yóò ti ṣe àtúnṣe.

Bí ó bá lè bọ́ sí i lọ́la, 409 ni. Ìbéèrè fún ìjókòó 7 kò ní àbùkù; ipò tí ìjókòó náà wà báyìí ni ó tako ó, ẹni tí ó gbà á sì lè fi í sílẹ̀. Mo wá fi àwọn ìjókòó tí ó ṣófo sínú ìdáhùn náà:

```
HTTP/1.1 409 Conflict
Content-Type: application/problem+json

{"title": "Wọ́n ti gba ìjókòó 7", "free": [3, 11, 15]}
```

Ibi tí ó gba àkókò mi jù ni ti èrò méjì tí ó béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Sáfà a kọ́kọ́ wò ó bóyá ìjókòó ṣófo kí ó tó kọ orúkọ sí i, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lè bá a lófo. Mo fi `UNIQUE (trip, seat)` sí dátábéèsì, PostgreSQL sì ń fi `23505` kọ ẹni tí ó pẹ́ dé. Tí a kò bá mú àṣìṣe yìí, 500 ni yóò jáde. Mo yí i sí 409.

Ó ku ẹnì kan: ẹni tí ìjókòó ti di tirẹ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí ìdáhùn tó dé, tí áàpù rẹ̀ tún wá béèrè, tí a sì fi ìjókòó tirẹ̀ gan-an lé e padà. Mo jẹ́ kí áàpù máa fi `Idempotency-Key` kan náà ránṣẹ́ nígbà kejì. Bí sáfà bá ti mọ̀ ọ́n, 201 ti àkọ́kọ́ ni ó ń dá padà fún un.