Ẹ má kọ́kọ́ dájọ́ fún tíṣà: àṣìṣe tí mo ṣe lórí ọmọ tó ń da kíláàsì rú

Àwa tá à ń ṣe káńsẹ́lọ̀ níléèwé, a máa ń dájọ́ ká tó ròyìn ohun tá a rí. Èmi náà ṣe é ní pírámárì kan ní Ṣàgámù. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ọmọkùnrin kan ń dìde ṣáá, bá a ṣe jáde báyìí mo sọ fún tíṣà ẹ̀ lójú àwọn tíṣà yòókù pé, "Àǹtí, ẹ kì í mójú tó ọmọ yẹn dáadáa o." Obìnrin tó ń kọ́ ọmọ 52 látàárọ̀! Ó kàn ní "Ẹ ṣé mà," kò bá mi sọ nǹkan gidi mọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo sì padà sí kíláàsì pẹ̀lú bíró àti ìwé. Ọjọ́ méjì, ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́: mò ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó dìde, ohun tó ṣe gan-an, àti ohun tó tẹ̀ lé e. Mo ń ka iye ìgbà tó dìde, mo sì tún ń ka ti ọmọ kan tó jókòó tì í, torí tẹ́ ò bá ka ti ẹlòmíì, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo kíláàsì ló ń rìn kiri? Tiẹ̀ jẹ́ 11, ti ẹnìkejì jẹ́ 2. Nínú 11 yẹn, 9 ló bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ń kọ nóòtù láti ojú bọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ ìṣirò àfẹnuṣe, kì í kúrò lójú kan.

Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró dìgbà táwọn ọmọ lọ sílé, àwa méjì péré, mo sì kọ́kọ́ bi í pé ìgbà wo lọmọ yẹn máa ń fara balẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni mo tó gbé ìwé síwájú ẹ̀. Mi ò kọ "olóríkunkun" síbẹ̀ o, ohun tí mo kọ ni "ó dìde, ó lọ síwájú, ó wo ìwé ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó padà." Òun fúnra ẹ̀ ló wò ó tó ní, "Àbí kì í rí bọ́ọ̀dù ni?"

Ibi tí mo tún fẹ́ẹ́ ṣubú sí ni ìgbà tí tíṣà ní ìyá àgbà ló ń tọ́ ọmọ náà, pé wọ́n ti kẹ́ ẹ bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá mirí sí i, ẹ ti dá ẹni tí ò sí níbẹ̀ lẹ́bi, tẹ́ ẹ bá sì bá a jiyàn, á ní ẹ ti gbè sẹ́yìn wọn. Mo kàn bi í pé, "Kí ni Màmá ní ó máa ń ṣe nílé?" Kò tíì bi wọ́n rí.

Nígbà tí Màmá dé láti ọjà Fálàwò tí wọ́n ti ń ta gàrí, ohun tó wà nínú ìwé nìkan la sọ, a wá bi wọ́n nípa bó ṣe ń ṣe nílé. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an ló máa ń lẹ̀ mọ́. Èmi kọ́ ni dókítà ojú, mi ò sọ pé ojú ló ń dùn ún, a ní kí wọ́n mú un lọ yẹ ojú wò, tíṣà sì gbé e wá sí bẹ́ǹṣì iwájú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo tún kà á bákan náà, ó jẹ́ 3. Àmọ́ ó tún máa ń lu ìlù lórí tábìlì, ìyẹn ò sì tíì dáwọ́ dúró ṣá o, ìyẹn la tún jọ ń kọ sílẹ̀ báyìí.