Bí mo ṣe sọ káróṣẹ́ẹ̀lì omi iyọ̀ àti ṣúgà di fídíò ìṣẹ́jú kan

Káróṣẹ́ẹ̀lì náà, ìyẹn àwọn àwòrán tí èèyàn ń fi ìka tì lọ́kọ̀ọ̀kan lójú fóònù, ti parí kó tó dé ọwọ́ mi. Síláìdì mẹ́jọ ni, lórí bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà nínú ilé fún ọmọ tó ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí ohùn máa sọ lábẹ́ síláìdì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ di fídíò tí kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí, síláìdì kẹta nìkan ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ọ̀lẹ máa ń ṣe. Mo tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ orí fóònù, mo ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára síláìdì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bó ṣe wà. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 52. Gígùn rẹ̀ kọ́ ló burú jù. Nígbà tí mo wò ó pẹ̀lú àwòrán, ojú mi ti ka ìlà kan tán kí ohùn tó dé àárín rẹ̀, mo wá ń jókòó de ohùn ara mi. Ojú yá ju etí lọ. Tí ohùn bá kàn ń ka ohun tí ojú ti rí, òǹwòran á sú kíákíá.

Mo wá yí i padà, mo sì sáré kọjá ibi tó yẹ kí n dúró sí. Mo fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ gbogbo rẹ̀. Síláìdì kọ «ìgbẹ́ gbuuru», ohùn ń sọ «àrunṣu». Síláìdì kọ «ṣíbí kékeré», ohùn ń sọ «ṣíbí tíì». Èyí tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ojú òǹwòran á máa wá ọ̀rọ̀ tí etí rẹ̀ gbọ́, kò ní rí i, gbólóhùn méjì á sì ti kọjá lọ kó tó fi í sílẹ̀. Àárín méjèèjì ni mo padà sí: orúkọ nǹkan àti iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lójú àti létí, kí wọ́n sì tò tẹ̀ léra bákan náà. Ọ̀rọ̀ tó so wọ́n pọ̀ ni ohùn lè sọ bó ṣe wù ú, nígbà náà mo lè pa á rẹ́ lára síláìdì.

Kí n tó kọ ìlà kan mìíràn, mo wọn ẹnu ara mi. Mo ka nǹkan tí mo mọ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá 30, bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ fún èèyàn gan-an, mo sì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó jẹ́ 81, ìyẹn ọ̀rọ̀ méjì àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fi í sí 2.5 kí àyè mímí lè wà. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú kan kò lè gbà ju 150 ọ̀rọ̀ lọ, kò sì yẹ kí n lò ó tán. Ẹ má lo iye tí ẹlòmíràn wọn nínú èdè mìíràn o. Àwọn ọ̀rọ̀ wa kúrú, wọ́n pọ̀ nínú gbólóhùn, àti «ń» àti «ó» la ó kà sí ọ̀rọ̀.

Mo fa ìlà mẹ́rin sórí ìwé: nọ́ńbà síláìdì, ohun tí ojú rí, ohun tí etí gbọ́, àti iye ìṣẹ́jú àáyá. Síláìdì àkọ́kọ́ jẹ́ ìbéèrè, «Ṣé o mọ omi tó yẹ kí ọmọ yìí mu?», pẹ̀lú ọfà tó ní kí a tì í sápá ọ̀tún. Ọfà lọ. Kò sí ẹni tó ń ti fídíò sápá ọ̀tún. Ìbéèrè náà lọ pẹ̀lú rẹ̀, torí ohun tó wà fún ni pé kí ìka lè fẹ́ lọ sí síláìdì kejì. Ohùn wá bẹ̀rẹ̀ báyìí: «Tí ọmọ bá ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ ló ń lọ.» Ọ̀rọ̀ 13 ni, ìṣẹ́jú àáyá 5. Síláìdì kejì ní àlàyé dáadáa nípa bí ṣúgà ṣe ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa iyọ̀ àti omi wọnú ara. Mo fẹ́ràn àlàyé yẹn. Mo yọ ọ́, ó sì dùn mí. Ohun tó kù ni «Omi iyọ̀ àti ṣúgà la fi ń dá a padà», ìṣẹ́jú àáyá 4.

Síláìdì kẹta ni ti ìwọ̀n. Nínú káróṣẹ́ẹ̀lì, gbogbo rẹ̀ wà lójú kan: omi tó mọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré 6, iyọ̀ ½ ṣíbí kékeré, gbogbo ṣíbí kí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Ẹni tó ń kà á lè dúró síbẹ̀ títí, ó sì lè padà. Ohùn kì í padà. Gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí: «Po ṣúgà ṣíbí mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ sínú omi lítà kan.» Lójú mi, kò sí àléébù kankan nínú rẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo jẹ́ kó gbọ́ ohùn náà láìsí àwòrán, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní, «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ fún mi.»

Ó ní, «Ṣúgà ṣíbí mẹ́fà àti ààbọ̀, iyọ̀ ṣíbí kan.»

Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mo tún gbọ́ ohùn ara mi, mo rí i pé òun ló tọ̀nà. Lédè wa, «ààbọ̀» máa ń lẹ̀ mọ́ iye tó ṣáájú rẹ̀. «Mẹ́fà àti ààbọ̀» ti di iye kan kí iyọ̀ tó dé rárá. Lójú ìwé, ìlà tó yàtọ̀ ló pa wọ́n mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ohùn, kò sí ìlà. Ìṣòro yìí kì í sì í ṣe kékeré, torí iyọ̀ ti di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú omi yìí lè ṣe ọmọ ní jàǹbá.

Bí mo ṣe tún un kọ nìyí, orúkọ nǹkan ló máa ń ṣáájú, iye tẹ̀ lé e, ohùn á sì dákẹ́:

«Omi tó mọ́: lítà kan.
Ṣúgà: ṣíbí kékeré mẹ́fà.
Iyọ̀: ìdajì ṣíbí kékeré, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Kí ojú ṣíbí tẹ́jú, kó má kún àkúnwọ́sílẹ̀.»

Mo fi «ìdajì» rọ́pò «ààbọ̀» torí ó lè dá dúró. Mo sì ní kí wọ́n yọ ½ lára síláìdì, kí wọ́n kọ «ìdajì» síbẹ̀, kí ojú àti etí lè bá ara wọn mu. Síláìdì kan di mẹ́rin: omi nìkan, ṣúgà nìkan, iyọ̀ nìkan, lẹ́yìn náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ 26, ìṣẹ́jú àáyá 10 tó lé díẹ̀. Mo fi ìdákẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2 sẹ́yìn ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, mo fi 3 fún àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, láìsí ohùn kankan lábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀ lè rí i yà. Ó jẹ́ 19 lápapọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta fídíò náà. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi ní ó ti pọ̀ jù. Mi ò gbà. Tí èèyàn bá gbàgbé gbogbo yòókù, ibí yìí ló yẹ kó rántí.

Àwọn tó kù yá. Síláìdì kẹrin ní wákàtí 24. Nọ́ńbà yẹn kúrú lójú, ó sì gùn lẹ́nu. «Mẹ́rìnlélógún» ni mo kà bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta nígbà tí mo ń ṣírò. Mo rò ó bóyá kí ohùn kàn sọ «ọjọ́ kan», ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á rò pé títí ilẹ̀ á fi ṣú ni. Ó dúró sí «Rò ó kó yòrò tán. Tó bá pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, dà á nù.» Ìkarùn-ún àti ìkẹfà, bí a ṣe ń fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀ àti pé tó bá bì í, ká dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká tó tún bẹ̀rẹ̀, gba ìṣẹ́jú àáyá 8 àti 5. Síláìdì kẹjọ, «fi pamọ́, fi ránṣẹ́», ni mo lé jáde pátápátá. Abẹ́ fídíò ni wọ́n kọ ìyẹn sí.

Ìkeje ni àmì ewu márùn-ún. Wọ́n ní kí n dá méjì sọ kí àyè lè tó. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, torí tí ohùn bá sọ méjì nígbà tí márùn-ún wà lójú, òǹwòran á gbà pé àwọn mẹ́ta tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ le. Mo gé ìlà kọ̀ọ̀kan kù ni: «Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ojú tó jìn wọnú. Kò lè mu. Ó ń bì gbogbo ohun tó mu. Oorun tí kò ṣeé jí. Ọ̀kan péré nínú wọn, ilé ìwòsàn ni.» Ọ̀rọ̀ 29, ìṣẹ́jú àáyá 12. Àmì kọ̀ọ̀kan á tàn nígbà tí ohùn bá dé orí rẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 5, 4, 19, 7, 8, 5, 12. Ọgọ́ta géérégé.

Nǹkan méjì ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà fún ẹni tó máa gé fídíò. Àkọ́kọ́, kí àwòrán dé díẹ̀ kí ohùn tó dé, bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Tí ohùn bá ṣáájú, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ṣe àṣìṣe. Èkejì, síláìdì jẹ́ 1080 × 1350, fídíò jẹ́ 1080 × 1920, nítorí náà 570 ló ṣẹ́kù lóòró. Kí wọ́n gbé síláìdì sókè díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí ohùn ń sọ lè hàn lábẹ́ rẹ̀, kó má sì wọ ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí orúkọ àti bọ́tìnnì máa ń bò.

Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí fídíò jáde, èyí tó ní àwòrán. Ó sọ ọ́ padà láìṣìnà: omi lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì. Ó wá nawọ́ sí ojú fóònù. «Ṣùgbọ́n ṣíbí tó o yà síbí yìí, ṣebí ṣíbí ìjẹun ni?»

Òótọ́ ni. Ó ti wà nínú káróṣẹ́ẹ̀lì láti ọjọ́ tó ti jáde, ṣíbí ńlá kan tó kún gbogbo ojú àwòrán, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ìgbà tí ohùn ń sọ «kékeré» lábẹ́ rẹ̀ ni irọ́ rẹ̀ tó hàn. Mo fi í ránṣẹ́ padà sí ẹni tó yà á, pé kó ya ṣíbí kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí ìjẹun, kó sì fi àmì ìfàgilé sórí èyí tó tóbi.