Òrùka Ewé fún Ẹnu Ọ̀nà, Èyí Tí Kò Ní Bu

Ọ̀rinrin Èkó ló máa ń ba òrùka ewé tí a fi kọ́ ilẹ̀kùn fún ọ̀ṣọ́ jẹ́. Ewé tí kò gbẹ dénú á bu láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gbé nítòsí òkun, tó bá fi wáyà lásán ṣe férémù, á rí i tó dípẹtà, tí ìpẹtà náà sì ń kun ọ̀dà ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí a fi fara mọ́ pankẹ́rẹ́. Ẹ lè bi àwọn tó ń hun àga ní Mẹ́ńdè, ní Mẹ́rílándì, fún àjẹkù.

Ká ní ilẹ̀kùn irin kan ní Ṣúrùlérè fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà, tó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Òrùka tó fẹ̀ tó 35 sẹ̀ǹtímítà tó o. Ẹ rẹ pankẹ́rẹ́ tó gùn tó mítà mẹ́ta àtààbọ̀ sínú omi fún wákàtí kan, kó má baà ṣẹ́. Ẹ ká a yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ so ó níbi mẹ́rin, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Ewé màngóro tó ti gbó ni kí ẹ já, nǹkan bí 100. Ẹ tò ó sáàárín ìwé ìròyìn lábẹ́ òjìji, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kí ẹ máa pààrọ̀ ìwé tó bá rin. Ẹ má sá a sóòrùn, á ká kò. Ẹ tẹ ìdí ewé náà wò: bó bá dún, tó sì kán, ó ti gbẹ, bó bá ṣì ń rọ̀, ẹ dá a padà. Ewé màrìwò náà máa ń gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n ará àdúgbò lè rò pé ojúbọ ni ẹ ṣí.

Ẹ di ewé ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ fi wáyà tín-ínrín tí kì í dípẹtà so wọ́n mọ́ férémù, gbogbo orí sí apá kan náà. Ìdì kọ̀ọ̀kan á bo ìdí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún síra. Ìdì 22 á yí i po. Ẹ gbé orí ìdì àkọ́kọ́ sókè díẹ̀, kí ẹ ki ìdí èyí tó kẹ́yìn sábẹ́ rẹ̀.

Èso pánṣẹ́kẹ́ tó ti gbẹ, tó ń dún bí ẹ bá mì í, ló dára láti fi ṣe òrùka náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ó gùn jù, ẹ fi ayùn gé e sí méjì. Bí ìyẹ̀fun bá ń jábọ́ lára rẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ kó o sóde. Ẹ lu ihò, kí ẹ fi wáyà dè é. Gọ́ọ̀mù tí a yọ́ máa ń rọ̀ lára ilẹ̀kùn irin tí oòrùn ọ̀sán ń pa. Ẹ má fi wérénjéjé ṣe ọ̀ṣọ́ o: májèlé ni, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń wu ọmọdé.

Ríbọ́nì yáàdì méjì láti Balógun tó. Ẹ so ó mọ́ òrùka, kí ẹ gbé e gba orí ilẹ̀kùn kọjá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi fóòmù kéékèèké méjì sẹ́yìn òrùka, kí atẹ́gùn lè ráàyè gba ibẹ̀, kí èso má sì ha ọ̀dà.