Bí mo ṣe fi odindi ojú ìwé ayélujára pamọ́ sí PDF lórí iPad

Owó tí mo san ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé jáde ni ó mú kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì rí ojú ìwé kan lórí ayélujára tí ó ṣàlàyé bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, pẹ̀lú àwọn àwòrán tí ó là yékéyéké ju èyí tí ó wà nínú ìwé wa lọ. Nítorí pé ojú ìwé náà gùn, mo ya á ní àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń fà á wálẹ̀, mo sì gbé àwọn àwòrán náà lọ fún títẹ̀. Gbogbo ewé tí ó jáde ni ó ní aago àti àmì bátìrì lórí, ìlà tí ó parí ewé kan tún bẹ̀rẹ̀ ewé kejì, wọ́n sì gé àwòrán ìfun sí méjì. Iye tí wọ́n ń gbà lórí fọ́tò aláwọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lórí ewé kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ lásán ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ó dùn mí gan-an.

Láti ọdún 2019, nígbà tí iPadOS 13 jáde, ni iPad ti lè gba odindi ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú Safari ni kí ẹ ti ṣí ojú ìwé náà. Bí ẹ bá ṣí i láti inú ìṣàfilọ́lẹ̀ mìíràn, àǹfààní yìí lè má yọjú rárá. Ẹ ya àwòrán ojú ẹ̀rọ bí ẹ ṣe máa ń yà á: bọ́tìnnì òkè pẹ̀lú bọ́tìnnì Home, tàbí pẹ̀lú bọ́tìnnì ohùn bí iPad yín kò bá ní Home. Àwòrán kékeré kan yóò yọ ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Òun ni kí ẹ tètè fọwọ́ kàn, nítorí pé kò ní pẹ́ tí yóò fi wọlé lọ, bí ó bá sì ti wọlé, àwòrán ojú ẹ̀rọ lásán ni yóò kù sínú Photos. Lókè ibi tí ó bá ṣí sí ni ẹ ó ti rí Screen àti Full Page. Ẹ mú Full Page, ẹ tẹ Done, ẹ sì mú Save PDF to Files.

Inú mi dùn nígbà tí mo rí fáìlì kan ṣoṣo, àmọ́ nígbà tí mo ṣí i, àyè òfìfo ni mo bá níbi tí ó yẹ kí àwọn àwòrán ìsàlẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé ayélujára òde òní kì í gbé àwòrán wá títí di ìgbà tí ẹni tí ń kà á bá dé ibẹ̀, kí wọ́n lè dín dátà kù. Nítorí náà, kí ẹ tó ya á, ẹ fa ojú ìwé náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé òpin, ẹ dúró kí gbogbo àwòrán hàn, kí ẹ sì padà sókè. Apá tí wọ́n bá ká pọ̀, tí ó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó tó ṣí, ẹ ṣí i tẹ́lẹ̀, torí bí ó bá wà ní kíká ni yóò ṣe wọ inú PDF.

Ibi tí ìbínú mi ti pọ̀ jù lọ nìyí. Mo gbé PDF yìí padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó hàn dáadáa lójú kọ̀ǹpútà wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé jáde ni ewé kan ṣoṣo tí ó funfun báláú, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dá dúró láàárín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà yẹn ni odindi ẹ̀kọ́ mi. Kò sí ojú tí ó lè kà á. Wọ́n tún un tẹ̀, ohun kan náà ni ó jáde, wọ́n sì gba owó ewé méjèèjì. Ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ní fáìlì mi ti bàjẹ́, èmi sì mọ̀ pé fáìlì tí ó ṣí tí ó sì ṣe é kà kò bàjẹ́.

Ilé ni mo ti wá rí ìdí rẹ̀. PDF tí Full Page ń ṣe kò ní ewé púpọ̀: ewé kan ṣoṣo ni, tí ó fẹ̀ tó ojú Safari, tí ó sì gùn tó odindi ojú ìwé náà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé a sì máa fún ewé kọ̀ọ̀kan inú PDF pọ̀ kí ó lè wọ inú bébà kan. Bébà A4 gùn ní mìlímítà 297. Bí gígùn ojú ìwé bá jẹ́ ìlọ́po 10 ìbú rẹ̀, tí a sì fún gígùn yẹn pọ̀ sí mìlímítà 297, ìbú rẹ̀ kò ní ju bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Bí ẹ ti ń rí i pé ewé kan ṣoṣo ni fáìlì náà ní bí ó ti gùn tó, ẹ mọ̀ pé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lórí bébà nìyẹn. Lórí kọ̀ǹpútà, Adobe Reader ní ohun kan tí ó ń jẹ́ Poster, èyí tí ó lè pín ewé gígùn sórí bébà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò bìkítà ibi tí ó bá gé sí, ì báà jẹ́ àárín ìlà tàbí àárín àwòrán. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí ìyà tí mo ti jẹ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ó yanjú rẹ̀ wà nínú Safari kan náà, kò sì béèrè pé kí ẹ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ tẹ àmì Share, èyí tí ó jẹ́ àpótí tí ọfà yọ lórí rẹ̀, ẹ fà á wálẹ̀ títí ẹ ó fi rí Print. Iwájú ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò ṣófo, ẹ má kọbi ara sí i. Ẹ wo àwọn ewé kéékèèké tí ó hàn níbẹ̀, ẹ fi ìka méjì lé orí ọ̀kan, kí ẹ sì ya àwọn ìka náà kúrò lára ara wọn bí ìgbà tí ẹ fẹ́ sọ àwòrán di ńlá. Ewé náà yóò ṣí gẹ́gẹ́ bí PDF tí ó ti pín sí ewé-ewé. Ẹ tẹ Share níbẹ̀, kí ẹ sì mú Save to Files. Kò sí ohun kankan tí a kọ síbẹ̀ tí yóò sọ fún ènìyàn pé kí ó ya ìka, èyí sì bí mi nínú, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé láìsí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sí ohun tí Print lè ṣe fún un. Èyí ni mo tẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó sì mọ́.

Print náà ní ibi tí ó kù sí. Àwọn tí ó ṣe ojú ìwé lè ti ṣètò ìrísí mìíràn fún títẹ̀, nítorí náà àwọ̀, àpótí tàbí àwòrán kan lè yí padà tàbí kí ó má hàn. Bí ìpolówó bá pọ̀ jù, Show Reader máa ń kó wọn kúrò kí ẹ tó tẹ Print, ṣùgbọ́n ó mú àwòrán ìfun mi lọ pẹ̀lú wọn, n kò sì lò ó fún ẹ̀kọ́ yìí. Full Page ni mo fi ń pa ohun tí n óò kà lórí iPad fúnra rẹ̀ mọ́, torí pé ó jọ ojú ìwé gan-an. Print sì ni mo fi ń ṣe ohunkóhun tí yóò dé orí bébà.

Kí ẹ tó ti ojú ìwé náà pa, ẹ ṣí fáìlì náà nínú Files, ẹ ka iye ewé rẹ̀, kí ẹ sì fà á dé ìlà tí ó kẹ́yìn kí ẹ lè rí i pé ìlà yẹn kan náà ni ó parí ojú ìwé tí ó wà nínú Safari.