Owó ti wọlé, ìwé kò sí: àṣìṣe tí ẹ̀yin dìsáínà tuntun ń ṣe lórí ẹni tó ni iṣẹ́

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan kí dìsáínà kan má wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lábẹ́ abíyá, kó fajú ro, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gba iṣẹ́ mi lọ." Tí mo bá ní kó mú ìwé àdéhùn wá, ríṣíìtì ló máa mú wá, tàbí kó ṣí Wásáàpù. Ó ti sú mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí kí n lè máa sọ pé "lọ kà á" kí ọ̀fun mi lè sinmi. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ya lógò o. Ìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Èmi tí mo ṣì ń fi gíláàsì wá ibi tí àmì ìbéèrè wà lórí kíbọọ̀dù.

1. Kí ẹ rò pé owó ló ń sọ iṣẹ́ di ti kọ́sítọ́mà

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Òfin Kọpiráìtì 2022, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, tí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ fún ọ, tí ìwọ kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìwọ tí o yà á lo ni kọpiráìtì rẹ̀, àfi tí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ti ẹlòmíì ni. Kó san owó pé kò yí ìyẹn padà. Kó gba fáìlì .ai lọ́wọ́ rẹ kò yí i padà. Kó tilẹ̀ fi lógò náà forúkọ sílẹ̀ ní Àbújá gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà rẹ̀, kọpiráìtì àwòrán yẹn ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ohun tó ní ni àṣẹ láti lò ó fún ohun tí ẹ jọ sọ. Láísẹ́ǹsì nìyẹn. Tí o bá gbé ẹ̀tọ́ náà fún un tó fi di tirẹ̀, àsáìmẹ́ǹtì nìyẹn. Ẹni tó ta ilé gbowó, ẹni tó fi ilé háyà náà gbowó, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ṣì nílé. Òfin ní àsáìmẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Láísẹ́ǹsì tí o bá fún ẹnì kan ṣoṣo, tí ẹlòmíì kankan ò ní lè lo iṣẹ́ náà mọ́, òun náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Láísẹ́ǹsì lásán, tí kò dí ẹlòmíì lọ́wọ́, ẹnu tó o, ìwà yín pàápàá lè fi hàn pé o ti gbà.

Nígbà tí mo bá débí, inú dìsáínà máa ń dùn, á rò pé òun ti borí. Dúró ná.

Ìyá kan ní Modákẹ́kẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ dúdú gbé lébẹ̀lì fún ọmọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. ₦45,000, ó san án pé. Ohun tó wà lórí ríṣíìtì ò ju "lébẹ̀lì ọṣẹ" lọ. Ọjà náà tà. Nígbà tó yá, oníṣòwò kan láti Èkó fẹ́ fi owó sí i: kí wọ́n fi àwòrán yẹn ṣe ìpara pẹ̀lú, kí wọ́n sì máa kó o lọ sí Gánà. Lọ́yà oníṣòwò náà bi ìyá pé, ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni àwòrán yìí dà? Ìyá fi ríṣíìtì hàn án. Lọ́yà dá a padà fún un.

Bí màmá ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn, gèlè ti ṣí lórí: "Owó tí mo san yẹn, ṣé owó sàárà ni?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní àṣẹ láti fi í sára ọṣẹ, ìyẹn dájú. Ti ìpara, ti Gánà, a ò lè sọ, torí kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn. Tí ẹlòmíì bá sì fi irú àwòrán náà sára ọṣẹ tirẹ̀ lọ́la, màmá ò lè fúnra wọn pe ẹjọ́ lórí kọpiráìtì rẹ̀, ọmọ tó yà á ló lè pè é.

A gbé ìwé méjì sórí tábìlì. Èkíní: láísẹ́ǹsì fún màmá nìkan, fún ọṣẹ àti ìpara, ní Nàìjíríà àti Gánà, fún ọdún 5, ₦90,000. Èkejì: àsáìmẹ́ǹtì, ₦250,000. Màmá fẹ́ èkíní. Lọ́yà ará Èkó kọ̀, mi ò sì bá a wí, torí ta ló máa fi owó sí ọjà tí ojú rẹ̀ máa padà sọ́wọ́ ẹlòmíì lẹ́yìn ọdún 5? Wọ́n dúnàádúrà dé ₦200,000 lórí èkejì.

Ìgbà tí lọ́yà fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́ ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "gbogbo ohun tí oníṣẹ́ lò láti fi ṣe lébẹ̀lì" ti di ti màmá. Ẹ gbọ́, àwọn ewé tó yí etí lébẹ̀lì yẹn ká, ọmọ náà ti yà wọ́n kó tó mọ màmá rárá. Ó ti fún oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ẹnuwá láṣẹ láti lò wọ́n. Tó bá buwọ́ lu ìwé yẹn, ó máa di kó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá kó tó lè lo ewé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. A tún un kọ báyìí, lọ́yà wa sì fi sí èdè òfin: lébẹ̀lì bó ṣe wà, pẹ̀lú ìtòlẹ́sẹẹsẹ, àwọ̀ àti orúkọ ọṣẹ bí a ṣe yà á, di ti oníbàárà, àwòrán ewé tí oníṣẹ́ ti yà ṣáájú iṣẹ́ yìí kò sí lára ohun tó gbé fún un, oníbàárà ní àṣẹ títí láé láti lo ewé náà lára lébẹ̀lì yìí, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ yọ wọ́n sọ́tọ̀ tà. Lọ́yà ará Èkó gbà láìjanpata. Wọ́n kì í sábà janpata tẹ́nì kan bá ti ka ìwé wọn.

2. Kí ẹ máa sọ pé "tiyín ni gbogbo ẹ̀, mà"

Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa ń kọ ọ́ sórí Wásáàpù bí ẹní ń kí ènìyàn kú àárọ̀. Lọ́yà lè jiyàn ní kóòtù pé ìwé ni. Kọ "ẹ ṣeun, mà."

3. Kí ẹ wa ìwé àdéhùn sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì

Níbí ni inú ti máa ń bí mi jù, ẹ fara dà á. Ìyàwó mi ní mo ń ka ìwé àdéhùn ju Bíbélì lọ, kò parọ́. Ìwé tí ẹ ń wà sílẹ̀ yẹn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ ọ́, oníbàárà ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. Ẹ wá mú un, ẹ fi orúkọ ara yín sí i, ẹ fi orúkọ oníbàárà sí i, ẹ fọwọ́ ara yín gbé iṣẹ́ yín lọ, ẹ tún sanwó káfè tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Gbólóhùn kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti jẹ́ ti ẹni tó gbé e fúnni, bí ẹni pé òun gan-an ló yà á. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣiṣẹ́ fún gbogbo iṣẹ́ tí ẹni tó dá dúró bá ṣe. Oríṣi iṣẹ́ díẹ̀ tí òfin wọn kà sílẹ̀ nìkan ló wà fún, ìwé tí ẹ jọ buwọ́ lù sì gbọ́dọ̀ wà. Lógò lásán ò sábà bọ́ sínú rẹ̀. Torí àwọn náà mọ̀, wọ́n á tún fi gbólóhùn kejì tì í lẹ́yìn: "tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ gbé gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún oníbàárà." Gbólóhùn kejì yìí ló ń gbé iṣẹ́ yín lọ. Òun ni kí ẹ wá.

Tí ẹ bá ti rí i, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, ìgbà wo? Tó bá jẹ́ "láti ọjọ́ tí a buwọ́ lu ìwé yìí", iṣẹ́ ti di tiwọn kí kọ́bọ̀ tó wọlé. Tí wọn ò bá san ìyókù, ẹ lè pè wọ́n lẹ́jọ́ gbèsè, àmọ́ ẹ ò lè ní kí wọ́n má lo àwòrán. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ "nígbà tí owó bá pé lọ́wọ́ oníṣẹ́". Ọ̀rọ̀ méje péré. Ó ti gba owó fún mi ju gbogbo lẹ́tà ìbínú tí mo ti kọ lọ. (Ẹ̀yin ará Upwork, tí ẹ ò bá bá oníbàárà ṣe àdéhùn mìíràn, irú ètò yìí náà ló wà nínú àdéhùn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín: ẹ̀tọ́ ń kúrò lọ́wọ́ yín nígbà tí owó bá pé. Ẹ lọ kà á.)

Ìkejì, iṣẹ́ wo? Òfin gbà kí ènìyàn gbé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ tí kò tíì ṣe sílẹ̀. Nítorí náà "àti gbogbo ohun tí oníṣẹ́ yóò ṣe fún oníbàárà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọmọ kan buwọ́ lu irú ẹ̀ torí lógò kan fún ilé ìtajà kan, ó wá ń ya fláyà fún wọn lóṣooṣù. Ìgbà tó bèèrè owó àsáìmẹ́ǹtì lórí àwọn fláyà, wọ́n ṣí ìwé rẹ̀ fún un, wọ́n ní kó ka ojú ìwé kejì sókè.

4. Láísẹ́ǹsì tí kò ní ààlà

"Oníbàárà lè lo dìsáínì náà." Láti ṣe kí ni? Níbo? Títí di ìgbà wo? Òun nìkan ni àbí ìwọ náà? Ṣé ó lè gbé e fún ẹlòmíì, ṣé ó lè yí i padà? Bí ìwé bá ti dákẹ́ lórí àwọn wọ̀nyí, ẹ̀ ń tọ́jú ìjà pa mọ́ ni.

5, àbí 4 náà ni, ẹ má dá mi lóhùn: àwòrán mẹ́ta lẹ gbé fún oníbàárà, ó mú ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀kan yẹn nìkan ló gbà.

Tí ẹ bá ti ṣe àsáìmẹ́ǹtì, ẹ ò lè ṣàfihàn iṣẹ́ náà láàárín àwọn iṣẹ́ yín mọ́ àfi tí ìwé bá fi àyè yẹn sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ kan wà tí ẹ ò lè tà: kí wọ́n gbà pé ẹ̀yin lẹ yà á, kí wọ́n má sì bà á jẹ́ lọ́nà tó máa ba orúkọ yín jẹ́. Ìyẹn kò ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni nígbà tí ẹ bá ṣì wà láàyè.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ̀ ń tà. Orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tí gbogbo wa ní Ifẹ̀ ń fi sí lógò, kì í ṣe tiwa láti gbé fún ẹnikẹ́ni. Bí ìwọ ṣe yà á ni tìrẹ. Bákan náà ni fóńtì: ìwọ kọ́ lo ni ín, jẹ́ kí oníbàárà lọ gba láísẹ́ǹsì tirẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni ti ọ̀rẹ́. Ẹ gba iṣẹ́ ₦300,000, ẹ fún ọ̀rẹ́ yín ní ₦40,000 kó ya àwòrán inú rẹ̀, ẹ wá buwọ́ lu àsáìmẹ́ǹtì fún oníbàárà. Àwòrán yẹn, ọ̀rẹ́ yín ló ni kọpiráìtì rẹ̀, ẹ ò sì lè gbé ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín fún ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀rẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó buwọ́ lu ìwé tirẹ̀ fún yín, ojú ìwé kan tó, kí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ sì ṣáájú ọjọ́ tó wà lórí ti oníbàárà.