Bí ẹ ṣe lè sọ sìnárìò ìdánwò ìṣègùn di ṣẹ́kílíìsì tẹ́ ẹ lè fi máàkì ara yín

Sitéṣọ̀n kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń dánni wò lórí iṣẹ́ kan, la máa fi ṣe é, èyí táwọn èèyàn máa ń rò pé ó rọrùn jù: wíwọn ìfúnpá. Ká ní ohun tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ni: "Ẹni ọdún 54 ni, orí ń fọ́ ọ. Lo sitẹtosikóòpù wọn ìfúnpá ẹ̀, kó o sì ṣàlàyé èsì fún un. Ìṣẹ́jú 8."

Ẹ kọ́kọ́ fàlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe. Méjì péré ni: wọn, ṣàlàyé. Orí fífọ́ yẹn ló máa ń tan èèyàn, wọ́n á wá kó ìbéèrè nípa ẹ̀fọ́rí mẹ́wàá sínú ṣẹ́kílíìsì, bẹ́ẹ̀ kò sí máàkì kankan níbẹ̀.

Ó wá kan "wọn", kẹ́ ẹ tú u palẹ̀. Ẹ má kọ "ó wọ̀n ọ́n dáadáa" o, torí ẹni tó ń máàkì ò lè fojú rí "dáadáa". Ohun tójú rí tàbí tétí gbọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ, ìlà kan fún ìṣe kan. Àárín ẹ̀ á rí báyìí:

- ó gbé apá aláìsàn lé nǹkan, kó bá ọkàn dọ́gba
- ó fọwọ́ wá ìsọ iṣan ní ọrùn ọwọ́, ó fẹ́ kọ́ọ̀fù tó wé mọ́ apá títí ìsọ náà fi pòórá
- ó tú afẹ́fẹ́ dànù, ó dúró díẹ̀
- ó gbé sitẹtosikóòpù sí kòtò ìgúnpá, ó fẹ́ kọ́ọ̀fù kọjá ibi tí ìsọ ti pòórá ní 20 sí 30 mmHg
- ó ń tú u ní 2 sí 3 mmHg ní sẹ́kọ́ndì kan

Ìlà kejì yẹn, máàkì 2 ni mo máa ń fún un, àwọn tó kù 1-1. Ìdí ni pé nínú àwọn aláìsàn kan ìró inú sitẹtosikóòpù máa ń dákẹ́ láàárín kó tó tún padà, tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ wá ìsọ tẹ́lẹ̀ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ wá kọ 150 fẹ́ni tó ní 190.

Fún "ṣàlàyé", ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu: nọ́ńbà méjèèjì, pé ó ga tàbí kò ga, pé ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ò tó láti sọ pé ẹnìkan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ìgbà tí wọ́n máa tún un wọ̀n.

Tó bá parí, kẹ́nìkan ṣe é, kẹ́ni méjì máàkì ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìwo ìwé ara wọn. Ibi tí máàkì wọn ò ti bára mu, ìlà yẹn ló ní wàhálà, ẹ tún un kọ. Èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni "ó fọ ọwọ́ ẹ̀": ẹnìkan kàn wí pé "màá fọ ọwọ́ mi" láìfọ̀ ọ́, ọ̀kan fún un ní máàkì, èkejì ò fún un. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà ṣáájú bóyá wíwí tó tàbí kò tó.