Oògùn tí kò ran adìẹ mi mọ́, àti bí mo ṣe sin ọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé e

Fún ọdún mẹ́rin, bí mo bá ti kó òròmọdìẹ búróílà dé, àńtíbáyọ́tíìkì ni mo máa ń pò sínú omi àkọ́kọ́ tí wọ́n máa mu. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni, yálà ara wọn yá tàbí kò yá. Bí ọ̀kan bá sín lọ́sẹ̀ kẹta, màá tún po òmíràn. Bí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn lágbègbè wa níhìn-ín lẹ́yìn Ìbàdàn.

Lọ́dún tó kọjá, mo kó 400 sínú ilé adìẹ mi. Nígbà tí wọ́n wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin, mẹ́ta kú lọ́jọ́ Ajé, méje kú lọ́jọ́ kejì. Mo po ẹnirofilọ́sásìn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ń mu ún, 11 kú láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ta oògùn ní kí n ra oríṣi méjì kí n pò wọ́n pọ̀. Owó ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó rántí pé ohun tí mo ṣe nígbà ọ̀wọ́ tó ṣáájú nìyẹn. Mo pe dókítà ẹranko.

Ó ní, "Mà, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan mọ́. Ẹ mú méjì tó ń ṣàìsàn gidi àti ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú wá. Ẹ gbé èyí tó kú sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ẹ má jẹ́ kó dì o." Ó tún sọ fún mi pé kí n tó po oògùn rárá ló yẹ kí n ti wá, torí oògùn tó wà lára adìẹ lè má jẹ́ kí kòkòrò hù nílé àyẹ̀wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìyẹn dání.

Nígbà tó la adìẹ náà, ó pè mí sún mọ́ ọn. Ohun funfun kan tó fẹ́ẹ́ pọ́n bo ọkàn rẹ̀, bí awọ tó máa ń bo ojú ògì tó ti tutù. Ó fi irin ṣí i, ó ká kúrò lódindi. Ó bo ẹ̀dọ̀ náà bákan náà. Ó ní iṣẹ́ bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Í-kólì nìyí, inú ìfun adìẹ tó lálàáfíà gan-an ló sì máa ń gbé.

Nílé àyẹ̀wò, wọ́n fi kòkòrò tí wọ́n rí nínú adìẹ náà kun ojú abọ́ pẹlẹbẹ kan tí oúnjẹ rẹ̀ dì bí ẹ̀kọ, wọ́n to bébà róbótó kéékèèké mẹ́fà lé e lórí, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ wò ó. Níbi tí oògùn bá ti ṣiṣẹ́, àyíká bébà rẹ̀ á mọ́ gaara, bí ẹni fi ṣíbí há a. Ní ti ẹnirofilọ́sásìn, kòkòrò hù títí ó fi kan etí bébà. Tẹtirasáíkìlìn náà rí bẹ́ẹ̀. Oògùn méjì tí mo ti ń ná owó lé lọ́dọọdún nìyẹn. Ọ̀kan péré ló mọ́ dáadáa nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òun ni dókítà kọ fún mi, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí n ó lò ó àti iye ọjọ́ tí n kò gbọdọ̀ tà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹnirofilọ́sásìn bá wọ ara adìẹ, apá kan rẹ̀ máa ń di sipirofilọ́sásìn, èyí tí àwa èèyàn mọ̀ sí Sípírò, tí wọ́n ń kọ fún wa fún táífọ́ọ̀dù. Kòkòrò tí ọ̀kan kò bá ràn, èkejì kì í sábà ràn án. Nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fòfin de lílo ẹnirofilọ́sásìn fún adìẹ lọ́dún 2005. Ìgbẹ́ adìẹ mi rèé, inú ebè tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni mo ń dà á sí.

Mo bi í pé kí ló wá gbé kòkòrò inú ìfun dé ọkàn. Ó ní kí n mú òun lọ sílé adìẹ. Kò wo òkè rárá. Ó kúnlẹ̀ títí orí rẹ̀ fi bá ti adìẹ dọ́gba, ó ní kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì ka ogún tí ojú mi fi ń ta. Lórí ìdúró, mi ò gbóòórùn kankan. Amóníà ni, láti inú ìgbẹ́ tó tutù. Ó máa ń jó irun wẹ́wẹ́ inú ọ̀nà ọ̀fun adìẹ, irun tó yẹ kó máa gbá eruku àti kòkòrò jáde. Bí irun yẹn bá ti jó, kòkòrò tó wà nínú eruku ìgbẹ́ ti rọ́nà wọlé. Oògùn tí mo ń pò kò ṣe nǹkan kan sí amóníà.

Nígbà tí mo ta ọ̀wọ́ yẹn tán, mo kó ìtẹ́lẹ̀ jáde pátápátá, mo fọ ilé, mo sì fi í sílẹ̀ lófìfo fún ọjọ́ 14. Ilé mi jẹ́ mítà 4 sí 7, ìyẹn mítà 28 níbùú lóròó. Adìẹ 400 níbẹ̀ ju 14 lọ sí mítà kan. Mo kó 280 péré, mẹ́wàá sí mítà kan. Ó dùn mí láti dín in kù, mi ò ní purọ́.

Mo da ìfá pákó tí káfíńtà fá sílẹ̀ sí i, ó jìn tó ìka mẹ́rin. Láràárọ̀, mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ ìtẹ́lẹ̀ kan lábẹ́ abọ́ omi, màá fún un pọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí ó bá di ìṣù tí kò tú, ó ti tutù jù, màá kó ibẹ̀ dànù, màá fi tuntun sí i. Bí ó bá dì díẹ̀ tó sì tú nígbà tí mo ṣíwọ́, ó dára. Mo gbé abọ́ omi sókè títí ó fi bá ẹ̀yìn adìẹ dọ́gba, torí bí wọ́n ṣe ń da omi sílẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà. Aṣọ ọ̀rá tí mo fi ń bo ẹ̀gbẹ́ ilé, òkè rẹ̀ ni mo ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí, kì í ṣe ìsàlẹ̀, kí amóníà lè jáde láìjẹ́ pé atẹ́gùn ń fẹ́ lu òròmọdìẹ. Mo ń ṣe é lóru pẹ̀lú.

Ní ti omi, ohun tó ń yọ̀ nínú abọ́ ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ lójoojúmọ́. Búlíìṣì tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, mílílítà kan nínú lítà omi mẹ́wàá ni mo ń lò, sìrínjì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tí n ó bá fún wọn ní àjẹsára Lasótà tàbí Gúmbórò nínú omi, mi ò ní fi búlíìṣì sí i, mi ò sì ní fi sí i lọ́jọ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, torí yóò pa àjẹsára náà. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn méjèèjì tí àwọn àjẹsára yẹn ń dènà, àńtíbáyọ́tíìkì kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀, mo ti ná owó lé àńtíbáyọ́tíìkì rí nítorí Gúmbórò.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún òjò fẹ́ wọlé, adìẹ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n imú. Ọwọ́ mi ń wá ìgò oògùn. Mo kúnlẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀, mo rí igun tó tutù, mo kó o jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti dákẹ́. Ká ní ikú tún ń pọ̀ sí i ni, ilé àyẹ̀wò ni ǹ bá lọ.

Mẹ́sàn-án ló kú nínú 280 títí mo fi tà wọ́n. Ìtẹ́lẹ̀ wọn kò tíì dé ebè ẹ̀fọ́. Mo kó o jọ gègèrè lẹ́yìn ilé, mo ń yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó lè gbóná láàárín. Nígbà tí mo ki irin bọ inú rẹ̀ láàárọ̀ yìí tí mo sì yọ ọ́, mi ò lè di orí irin náà mú pẹ́.